Nóòtì tí kò hàn sábẹ́ irọ́ afárá

«Ẹ jọ̀ọ́, mo kọ nóòtì sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan lórí X pé irọ́ ni. Gbogbo àwọn ará wa ló tì í lẹ́yìn, síbẹ̀ kò hàn. Ta gan-an ló ń pinnu?»

Community Notes lo ń bèèrè, ètò tí àwọn tó ń lo X fi ń kọ àlàyé sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó lè ṣini lọ́nà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ó sì dùn mí dọ́kàn. Ẹja ni ìyá mi ń tà ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan gbé fídíò afárá tó já sórí X, ó ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ ni, ó sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Àwọn oníbàárà tó máa ń ti Ìkòròdú wá ò wá mọ́. Ọbọ̀kún àti èpìyà kún inú kúlà, yìnyín ń yọ́, ìyá mi ń ṣí ìdérí wò, ó ń pa á dé. Bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí afárá tó já.

Inú bí mi, mo kọ nóòtì: «Irọ́ gbuu ni. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni yìí àti ẹgbẹ́ rẹ̀ náà nìyí.» Mo gbé líǹkì rẹ̀ fún àwọn ará wa lórí Wasáàpù. Àwọn tó láǹfààní láti dìbò sí nóòtì láàárín wọn lé ní mẹ́wàá, gbogbo wọn ló sì tẹ «Helpful». Nóòtì mi ò kúrò lórí «Needs more ratings», ìyẹn ni pé ìbò rẹ̀ ò tíì tó láti pinnu.

Kò sí òṣìṣẹ́ X kankan tó jókòó tó ń yan èyí tó máa hàn. Àwọn olùkópa Community Notes ló ń kọ ọ́, àwọn náà ló ń dìbò sí i. Láìkì àti èsì tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ò wọ inú ìṣirò rárá. Kí èèyàn tó di olùkópa, àkáǹtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pé oṣù 6, kí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sì ti fìdí múlẹ̀. Ìbò nìkan ló máa kọ́kọ́ dì, títí «Rating Impact» rẹ̀, ìyẹn máàkì tó ń ga bí ìbò rẹ̀ bá bá ibi tí nóòtì já sí mu, á fi dé 5, kó tó lè kọ tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó nìyí: kì í ṣe iye ìbò ni wọ́n ń wò. Kọ̀ǹpútà á wo gbogbo ìbò tí o ti dì sẹ́yìn, á wá fi ọ́ sí ibì kan lórí ìlà. Kò bi ọ́ léèrè ẹgbẹ́ tí o wà. Ìwà ìbò rẹ ló ń sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ apá kan ìlà náà nìkan ló fẹ́ràn nóòtì kan, ìṣirò á gbà pé ìfẹ́ apá yẹn ni, á yọ ọ́ kúrò. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyọkúrò yẹn ló gbọ́dọ̀ dé 0.40 kí nóòtì tó lè hàn. Àwọn ará wa tó lé ní mẹ́wàá, ohun kan náà la jọ máa ń fẹ́, ohun kan náà la jọ máa ń kọ̀. Lójú ìṣirò yẹn, ńṣe ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé èèyàn kan ṣoṣo ló dìbò.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tún fídíò yẹn wò, mo ń dá a dúró díẹ̀díẹ̀. Pátákó kan wà lápá òsì. Faransé ni wọ́n kọ sí i. Mo ya ojú fóònù níbẹ̀, mo fi wá a lórí Google, mo bá a lójú òpó kan tó ti gbé e láti ọdún tó ṣáájú. Mo wá kọ nóòtì tuntun: «Fídíò yìí ti wà lórí ayélujára láti ọdún tó kọjá, pátákó inú rẹ̀ sì jẹ́ ti èdè Faransé. Kì í ṣe ìpínlẹ̀ Èkó.» Mo fi líǹkì sí i. N ò dárúkọ ẹgbẹ́ kankan, n ò sì pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́, nítorí alátìlẹ́yìn ẹni tó gbé fídíò yẹn lè gba ti pátákó gbọ́, àmọ́ kò ní gba èébú.

Ó hàn ní ọjọ́ kẹta. Èmi náà ń ṣọ́ ọ lójoojúmọ́ lẹ́yìn náà, torí bí ìbò tuntun bá ń wọlé, nóòtì tó ti hàn lè tún wọlẹ̀. Ó dìgbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì kí ipò rẹ̀ tó dúró.

Ti Fesibúùkù yàtọ̀, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ní Nàìjíríà, àwọn iléeṣẹ́ bíi AFP, Africa Check àti Dubawa ló ń wádìí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń pè é ní irọ́, Meta tó ni Fesibúùkù á wá lẹ àmì mọ́ ọn. Ìkéde ọjọ́ 7 oṣù kìn-ín-ní 2025 pé Meta ń fi ètò yẹn sílẹ̀, Amẹ́ríkà ló kàn. Bí wọ́n bá lẹ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ láìtọ́, iléeṣẹ́ tó wádìí rẹ̀ ni kí o bá sọ ọ́.

Nígbà tí nóòtì bá hàn, X máa ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí àwọn tó ti fèsì sí ọ̀rọ̀ náà tàbí tí wọ́n tẹ láìkì sí i. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ìyá mi wà lára wọn. Ó pè láti Ìkòròdú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta yẹn, ó ní ṣé ọbọ̀kún ṣì wà. Èyí tó wà níjọ́sí ti di ẹja yíyan, a ti tà á lówó pọ́ọ́kú.