Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Fa Ọrùn Yín

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé, mọ́tò kan gbá ọ̀kadà tí mo gùn láti ẹ̀yìn. Mo ṣubú sójú títì, mo dìde, mo gbọn ara mi, mo bá tèmi lọ. Ọjọ́ Ajé ni ọrùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Láti àná, orí ń fọ́ mi láti ìpàkó wá síwájú. Ìyá ìyàwó mi ní ọrùn mi ti yẹ̀, pé àwọn mọ bàbá kan tó ń to egungun, á fà á padà. Ṣé kí n lọ?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ má lọ. Ẹ bá mi kí ìyá, ire ni wọ́n ń rò sí yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ọrùn ti yẹ̀" yìí ti sú mi í gbọ́. Ẹni tí egungun ọrùn rẹ̀ yẹ̀ ní tòótọ́, lọ́pọ̀ ìgbà gbígbé ni wọ́n ń gbé e wọ ọsibítù. Orí rẹ̀ á ti há sójú kan, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má gbọ́ràn mọ́. Bó bá sì jẹ́ ìwọ̀nba ló yẹ̀, ẹ̀rọ ayàwòrán ló lè sọ ọ́ fún wa, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ bàbá kankan.

Nítorí náà, àwòrán ni kó ṣáájú. Ìlànà kan wà tí àwọn dókítà Kánádà gbé jáde ní 2001 lórí ẹni tó yẹ kó ya àwòrán ọrùn lẹ́yìn ìjàǹbá. Ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 65 wà níbẹ̀, ẹni tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe jíríjírí wà níbẹ̀, ẹni tí ọkọ̀ gbé jù sílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ṣubú lórí ọ̀kadà. Mi ò rí yín, mi ò fọwọ́ kan ọrùn yín, mi ò sì ní jókòó síbí kí n máa pe egungun tí mi ò rí ní pípé.

Bí àwòrán bá wá mọ́, a jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń pè ní wípíláṣì ló ń ṣe yín. Nígbà tí mọ́tò gbá yín, ara yín ló kọ́kọ́ lọ síwájú, orí ṣẹ́kù sẹ́yìn, kó tó wá fì tẹ̀ lé ara bí ìgbà tí èèyàn ju pàṣán. Iṣan ọrùn àti àwọn okùn tó so egungun méjèèje ibẹ̀ pọ̀ ló nà kọjá bó ṣe yẹ. Wọn ò sì ń wú lójú ẹsẹ̀. Ẹ rántí ẹni tó ti pẹ́ kó tó dé oko, tó wá fi ọjọ́ kan kọ ebè: ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ni ara rẹ̀ máa ń sọ ohun tó ṣe. Ìpayà ọjọ́ ìjàǹbá náà tún máa ń bo ìrora mọ́lẹ̀. Pé ẹ dìde ní Sátidé kò túmọ̀ sí pé ohunkóhun ò ṣe yín.

Ti orí ńkọ́? Okùn ìmọ̀lára tó wá láti egungun mẹ́ta òkè ọrùn àti èyí tó wá láti ojú àti iwájú orí, ibì kan náà ni wọ́n ti ń pàdé nísàlẹ̀ ọpọlọ. Ọpọlọ kì í mọ ẹni tó ń pè é nínú wọn. Ọrùn ló ń dùn yín, ẹ̀yìn ojú lẹ ń fọwọ́ dì mú.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí bàbá yẹn. Wọ́n á di orí yín mú, wọ́n á yí i lójijì, á dún "kọ̀ọ́", gbogbo ilé á ní "ó ti wọlé!" Kò sí ohun tó wọlé. Afẹ́fẹ́ inú omi tó wà láàárín oríkèé ló dún, bíi ti ìka ọwọ́ tí ẹ máa ń ṣẹ́. Iṣan á dẹ̀ díẹ̀, ara á fúyẹ́ fún wákàtí mélòó kan, ìrora á sì padà. Bó bá jẹ́ pé egungun ló wọlé, kí ló dé tí wọ́n fi ní kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?

Tó bá mọ sí ariwo lásán ni, ǹ bá dákẹ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ló gba inú ihò ara egungun ọrùn gòkè lọ sí ọpọlọ, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ìjàǹbá lè ti ya inú ọ̀kan nínú wọn díẹ̀, kó má tíì fi ara hàn ju ọrùn dídùn àti orí fífọ́ lọ. Ẹ wá fi ìyílójijì kún un: ẹ̀jẹ̀ lè dì níbẹ̀, kó já gòkè, kó di rọpárọsẹ̀. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kì í padà bọ̀ sípò wẹ́rẹ́. Àwọn onígbàjámọ̀ tó ń ṣẹ́ ọrùn lẹ́yìn irun gígẹ̀, ẹ yẹra fún tiwọn náà.

Báwo ló ṣe ń sàn? Olùkọ́ kan wá bá mi lọ́jọ́ kẹrin tí òun náà ṣubú lórí ọ̀kadà. Mo ní kó wo èjìká ọ̀tún, gbogbo ara ló yí. Àwòrán rẹ̀ mọ́. Mo bọ́ kọ́là tó rà ní kẹ́mísì kúrò lọ́rùn rẹ̀, torí ọrùn tí wọ́n dè fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ máa ń ya ọ̀lẹ. Ó ń yí orí lọ sọ́tùn-ún, sósì, dé ibi tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń wo èjìká. Lọ́sẹ̀ kẹta ó pọn omi, ó gbé garawa lérí, ó sì fi ọjọ́ méjì dùbúlẹ̀. Ó rò pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Bí wípíláṣì ṣe ń lọ nìyẹn, ó ń sàn, ó ń dá padà díẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹfà, orí fífọ́ ti di ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ó lé lóṣù méjì kí n tó ní kó tún ru ẹrù. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ìsàn máa ń yá jù. Àwọn kan wà tí tiwọn ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Ní ti oògùn, parasitamọ́ọ̀lù oní-500 mílígíráàmù, méjì, ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kó má ju mẹ́jọ lọ láàárọ̀ sí àárọ̀, bí ẹ̀dọ̀ yín bá dára. Ẹ má fi aspirín kún un kí dókítà tó yẹ orí yín wò, torí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Bí ẹ bá sì ń lo oògùn ìrora fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lóṣù, oògùn náà gan-an lè di ohun tó ń fọ́ yín lórí.

Ẹ má dúró de èmi tàbí àwòrán, ẹ lọ sí ọsibítù ńlá lónìí, bí orí fífọ́ náà bá ń le sí i lójoojúmọ́, bí ẹ bá ń bì, bí oorun bá ń gbé yín lójú ọ̀sán, bí ìpéǹpéjú kan bá wọ́, bí ahọ́n bá wúwo, bí ẹ bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tàbí ọwọ́ kan kú tìpiri. Èyí kan ẹni tó ti dàgbà tàbí tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì jùlọ: ẹ̀jẹ̀ lè máa jò díẹ̀díẹ̀ sí abẹ́ agbárí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìjàǹbá.

Bí ìyá bá ní àfi kí àwọn fọwọ́ sí i, ẹ fún wọn láṣọ àti omi gbígbóná tí kò bó ara, kí wọ́n fi jó ìpàkó yín fún ìṣẹ́jú 15. Kí wọ́n ṣá má fà á.