Bisikíìtì méjì, èwo ló sàn fáwọn ọmọ?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ya fọ́tò ẹ̀yìn bisikíìtì méjì, A àti B, lọ́jà Wàndó, ti A kọ ṣúgà gíráàmù 7, ti B kọ 20. Ṣé A ni kí n máa rà fáwọn ọmọ lójoojúmọ́?

Ìdáhùn: Rárá o, B ni. Ẹ wo òkè tábìlì inú fọ́tò yẹn dáadáa, ti A ń sọ ti gíráàmù 30, bisikíìtì mélòó kan péré nìyẹn, ti B ń sọ ti gíráàmù 100, ẹ ò lè fi wọ́n wéra báyẹn. Ẹ pín 7 sí ọ̀nà 30 kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 100, á fún yín ní nǹkan bíi 23, ó ju 20 ti B lọ (20 náà ò kéré ṣá).

Iyọ̀ náà ń tan èèyàn. B kọ iyọ̀ 0,8 nínú 100, A kọ sódíọ̀mù 0,12 nínú 30 tiẹ̀, ó wá dà bíi pé A ló kéré. Àmọ́ ara iyọ̀ ni sódíọ̀mù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2,5, ó di iyọ̀ 0,3 nínú 30, ìyẹn 1 nínú 100. A ló tún pọ̀ jù.

Fọ́tò B yẹn ṣókùnkùn díẹ̀ sá, kọ́mà ò hàn dáadáa, tẹ́ ẹ bá rí 8 dípò 0,8 ẹ tún un yà, torí kò sí bisikíìtì dídùn tó máa ní iyọ̀ 8.