Ìwé nóòtì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, wọ girama ní Oṣù Kẹsàn-án. Ipò kejì ló máa ń ṣe ní pírámárì, àmọ́ ipò 31 ló gbé wálé ní táàmù àkọ́kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, á ní inú ń run òun. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Ṣé kí n pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fún un ni? — Ìyá Ọmọ, Tàkíé, Ògbómọ̀ṣọ́."

Ìyá Ọmọ, ẹ jẹ́ kó kó gbogbo ìwé nóòtì rẹ̀ wá, kí ẹ jọ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má wo máàkì o. Ibi tí nóòtì ti já ni kí ẹ wá.

Bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń já nínú gbogbo wọn, ọwọ́ rẹ̀ ni kò tíì yá. Ní pírámárì, tíṣà kan ṣoṣo ló ń kọ́ ọ láti àárọ̀ dọ̀sán, ìyẹn sì lè dúró dè é kó dà á kọ tán. Ní girama, tíṣà bíi mẹ́wàá ló ń wọlé tó ń jáde, pírẹ́ọ̀dù kan kì í sì í sábà ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Kó tó kọ ọ́ dé ìdajì, wọ́n ti nu bọ́ọ̀dù. Ohun tí kò kọ, kò lè kà á, ibẹ̀ sì ni ìdánwò ti ń jáde. Kò sí ọ̀lẹ kankan níbẹ̀. Kó yá ìwé ẹnìkejì rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kó kọ àwọn tó kù láàárọ̀ Sátidé. Alaalẹ́ ni kó máa fi táìmútébù di báàgì rẹ̀, kó má jẹ́ òwúrọ̀.

Àmọ́ bó bá jẹ́ ìwé kan péré ló já lójijì, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ká ní ìwé ìṣirò ni, tí ìṣirò sì bọ́ sí ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ṣé àárọ̀ ọjọ́ wọ̀nyẹn gan-an ni inú ń run ún? Bó bá bára mu, tíṣà tó ń nà wọ́n ni, tàbí ẹni tó jókòó tì í. Inú náà ń run ún lóòótọ́ o. Àyà jíjá máa ń fa inú rírun. Bó bá ń run ún ní Sátidé pẹ̀lú, tàbí tó ń jí i lójú oorun, ọsibítù ni kí ẹ lọ. Ẹ má sì gbàgbé pé nǹkan oṣù lè ti ń bọ̀: ẹ fi páàdì sí báàgì rẹ̀, kí ẹ bi í bóyá ilé ìgbẹ́ ibẹ̀ ní ìlẹ̀kùn àti omi.

Bí ẹ bá bi í pé "Ṣé dáadáa ni?", "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" lẹ máa gbọ́. Ẹ bi í pé "Ta lẹ jọ jẹun lónìí?" Bí kò bá rí orúkọ kankan dá fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lọ rí tíṣà kíláàsì rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde, kí ẹ mú ìwé tó já náà dání. Ẹ má lọ pariwo níwájú àwọn ọmọ o, òun ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ti pípààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́, bí kì í bá ṣe pé wọ́n ń lù ú, ẹ jẹ́ kí táàmù kejì parí ná.