Antifáírọ́ọ̀sì ló ń dí sáìtì lọ́wọ́, àbí sáìtì fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan n'Ílọrin tí mo ti ń bá àwọn èèyàn kọ fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Látìgbà tí ọmọ tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ti fi antifáírọ́ọ̀sì tuntun sí láptọ́ọ̀pù mi, Firefox ò ṣí ọ̀pọ̀ sáìtì mọ́, á ní ewu wà níbẹ̀, kóòdù tó ń kọ sísàlẹ̀ ni SEC_ERROR_UNKNOWN_ISSUER. Chrome ń ṣí wọn, fóònù mi náà ń ṣí wọn lórí wáìfáì kan náà. Ṣé antifáírọ́ọ̀sì yìí ló fà á? Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ dájú kí n tó yọ ọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì yọ nǹkan kan o. Ọ̀rọ̀ yìí jọ ti antifáírọ́ọ̀sì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó dájú wà lórí láptọ́ọ̀pù yẹn gan-an, kò sì ní pẹ́ tó o fi máa rí i.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Tí bíráúsà bá fẹ́ ṣí sáìtì tó ní HTTPS, sáìtì yẹn á fi sátífíkéètì rẹ̀ hàn án, ilé iṣẹ́ kan tí bíráúsà mọ̀ á sì ti fọwọ́ sí i, bíi Let's Encrypt tàbí DigiCert. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn méjèèjì á ti ọ̀rọ̀ wọn pa tí ẹnikẹ́ni ò fi ní lè kà á lójú ọ̀nà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé antifáírọ́ọ̀sì náà ò lè kà á, tí fáírọ́ọ̀sì bá gba ibẹ̀ wọlé kò ní rí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá ń ṣe ni pé wọ́n á dúró sáàárín, wọ́n á tú ohun tó ti ọ̀dọ̀ sáìtì wá, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á tún un tì padà, wọ́n á wá gbé e fún bíráúsà pẹ̀lú sátífíkéètì tí àwọn fúnra wọn ṣe. Ó dà bí akọ̀wé tó ja lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀, tó kà á tán, tó wá lẹ̀ ẹ́ padà pẹ̀lú òǹtẹ̀ tara rẹ̀. Lẹ́tà yẹn ò yí padà, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ti yàtọ̀.

Kí bíráúsà má bàa pariwo sí òǹtẹ̀ yẹn, antifáírọ́ọ̀sì á ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú àkójọ àwọn tí Windows gbà gbọ́ látìgbà tí wọ́n ti fi í sí kọ̀ǹpútà. Chrome máa ń gba ohun tí wọ́n bá fi sínú àkójọ Windows, Firefox sì ní àkójọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi ń ṣí tí èkejì ń kọ̀. Láti Firefox 68 tó jáde ní 2019, Firefox ti ń gbìyànjú láti lọ wo àkójọ Windows fúnra rẹ̀ tó bá ti fura pé irú èyí ló ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ rárá pé nǹkan kan wà láàárín. Ṣùgbọ́n sẹ́tìn kan wà tó lè dí i lọ́wọ́, màá débẹ̀.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó o máa wò ni orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí sátífíkéètì. Lójú ewé tí Firefox ti ń pariwo yẹn, tẹ Advanced, lẹ́yìn náà View Certificate. Wá ibi tí wọ́n kọ Issuer Name sí. Tó bá jẹ́ orúkọ antifáírọ́ọ̀sì rẹ lo rí níbẹ̀, ẹjọ́ ti parí. Àwọn tí wọ́n máa ń fara hàn níbẹ̀ ni irú Avast Web/Mail Shield Root, ESET SSL Filter CA, tàbí Kaspersky Anti-Virus Personal Root Certificate. Kò sí sáìtì kankan lágbàáyé tó ń lọ gba sátífíkéètì lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí, nítorí náà tó o bá rí wọn, inú kọ̀ǹpútà rẹ ló ti wá.

O lè wò ó nínú Chrome náà bó tiẹ̀ ń ṣí sáìtì yẹn, ìyẹn gan-an ló máa là ọ́ lójú. Tẹ àmì tó wà lápá òsì àdírẹ́sì, tẹ Connection is secure, kó o wá tẹ Certificate is valid, wàá rí Issued By níbẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù, ṣe é lórí fóònù fún sáìtì kan náà, kó o fi wọ́n wéra. Ká ní fóònù kọ Let's Encrypt tí láptọ́ọ̀pù sì kọ orúkọ antifáírọ́ọ̀sì, a jẹ́ pé Chrome kàn ń gba ohun tí Firefox ń kọ̀ ni, ẹnì kan náà ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Má fi sáìtì kan ṣoṣo dán an wò ṣá o, torí àwọn antifáírọ́ọ̀sì kan máa ń fo sáìtì báńkì, wọn kì í tú u wò. Tó o bá lọ wo ti báńkì nìkan, wàá rí orúkọ tó dáa, wàá sì rò pé kò sí nǹkan kan.

Fóònù rẹ tó ṣí sáìtì lórí wáìfáì kan náà ti sọ nǹkan pàtàkì fún wa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kì í ṣe wáìfáì. Àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ní láti fara balẹ̀ níbí, torí faiawọ́ọ̀lù tí ọ́fíìsì gbé sẹ́nu ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì náà lè máa tú HTTPS wò bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, orúkọ tó máa jáde nígbà náà á jẹ́ ti ẹ̀rọ yẹn tàbí ti ilé iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀ ni kí wọ́n já wáìfáì ọ́fíìsì, kí wọ́n fi họ́tísípọ́ọ̀tì fóònù ṣí sáìtì yẹn lórí láptọ́ọ̀pù kan náà. Tí àṣìṣe yẹn bá pòórá, faiawọ́ọ̀lù ọ́fíìsì ni, ẹni tó ń bójú tó o ni kí wọ́n lọ bá. Tó bá tẹ̀ lé láptọ́ọ̀pù dórí họ́tísípọ́ọ̀tì, inú láptọ́ọ̀pù ló wà.

Ẹ̀rí kejì ni kó o pa iṣẹ́ títú HTTPS wò yẹn nìkan. Má pa gbogbo antifáírọ́ọ̀sì o. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tẹ bọ́tìnnì tó ní kó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á ríi pé Firefox ṣì ń pariwo, wọ́n á ní “kì í ṣe antifáírọ́ọ̀sì nìyẹn”. Bọ́tìnnì yẹn kì í fìgbà gbogbo yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò láàárín. Wọ inú sẹ́tìn rẹ̀. Nínú Avast, Core Shields lo máa lọ, lábẹ́ Web Shield, wàá rí Enable HTTPS scanning, kó o yọ máàkì tó wà níbẹ̀. Nínú ESET, Advanced setup ni, ibi tí wọ́n kọ SSL/TLS sí. Tìrẹ lè ní orúkọ míì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ HTTPS, SSL tàbí encrypted connections máa wà níbẹ̀. Tó o bá ti pa á, ti Firefox pátápátá, gbogbo fèrèsé rẹ̀, kó o tún un ṣí, torí ọ̀nà tó ti là tẹ́lẹ̀ lè ṣì wà láàyè. Ṣí sáìtì yẹn. Tó bá ṣí, lọ wo Issuer Name lẹ́ẹ̀kan sí i, orúkọ gidi ló yẹ kó wà níbẹ̀ báyìí. Lẹ́yìn náà tan án padà, kó o wò ó bóyá àṣìṣe náà á padà dé. Tó bá lọ nígbà tó o pa á, tó sì dé nígbà tó o tàn án, kò sí iyèméjì mọ́.

Nígbà míì, pípa àti títàn yẹn nìkan ti tún un ṣe, torí ọ̀pọ̀ antifáírọ́ọ̀sì máa ń lo àkókò yẹn láti tún fi sátífíkéètì wọn síbi tó yẹ. Kí Firefox sì wà ní títì nígbà tó o bá ń ṣe é. Tí kò bá gbọ́, lọ sí Settings Firefox, Privacy & Security, wá ibi Certificates, kó o wò ó bóyá máàkì wà lára Allow Firefox to automatically trust third-party root certificates you install. Tí ẹnì kan bá ti yọ ọ́, Firefox ò ní wo àkójọ Windows rárá, bó o bá tún antifáírọ́ọ̀sì fi sí i nígbà ogún.

Tó bá jẹ́ èmi ni, màá fi iṣẹ́ HTTPS yẹn sílẹ̀ ní pípa. Fáìlì tó o bá dawunlóòdù, antifáírọ́ọ̀sì ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó bá balẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù, Firefox àti Chrome náà sì ní àkójọ àwọn sáìtì burúkú tí wọ́n fi ń kìlọ̀. Ohun tó ń jókòó sáàárín yìí sì máa ń ṣàṣìṣe. Ní 2016 àwọn olùwádìí Google rí i pé àmì tí Kaspersky fi ń dá sátífíkéètì mọ̀ yàtọ̀ síra kúrú jù, tó fi lè mú ti sáìtì kan fún sáìtì míì. Wọ́n ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n o rí bó ṣe rí. Ní 2017 pẹ̀lú, nígbà tí Chrome 56 bẹ̀rẹ̀ sí lo TLS 1.3, ọ̀nà tuntun tí HTTPS fi ń ti ọ̀rọ̀ pa, àwọn ẹ̀rọ Blue Coat tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbé sáàárín ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i, ṣe ni wọ́n ń já a, Google ní láti dá a padà fún ìgbà díẹ̀. Irú ìyẹn kì í kọ UNKNOWN_ISSUER, ERR_CONNECTION_RESET tàbí ERR_SSL_PROTOCOL_ERROR lo máa rí, kò sì ní sí sátífíkéètì tó o máa wò, pípa àti títàn nìkan ló lè fi í hàn.

Má tẹ bọ́tìnnì Accept the Risk and Continue láti fi sáré ṣe fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́mà o, nọ́ńbà BVN àti páswọ́ọ̀dù wọn ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Tó bá sì ṣẹlẹ̀ pé orúkọ tó wà ní Issuer Name kì í ṣe ti antifáírọ́ọ̀sì rẹ, tí kì í ṣe ti ọ́fíìsì kankan, tó o sì rí i lórí gbogbo sáìtì tó o ṣí, ọ̀rọ̀ ti kọjá ohun tí mò ń sọ yìí. Ní 2015 wọ́n rí i pé àwọn láptọ́ọ̀pù Lenovo kan ti ní Superfish nínú láti ilé iṣẹ́, ìpolówó ló ń fi há sáàárín ojúewé, òun náà ló ń fọwọ́ sí sátífíkéètì gbogbo sáìtì. Tó bá jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lo rí, má wọ báńkì lórí láptọ́ọ̀pù yẹn mọ́, ya fọ́tò ojúewé sátífíkéètì náà kó o fi ránṣẹ́ sí mi.