Kí ni “mú un dọ́gba” túmọ̀ sí nínú kẹ́mísìrì?

“Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ‘mú un dọ́gba’ gan-an? Wọ́n fún wa ní H₂ + O₂ → H₂O. Mo sọ H₂O di H₂O₂, ó sì di méjì-méjì lọ́tùn-ún lósì, síbẹ̀ òdo ni mo gbà.”

Àbúrò mi, iye rẹ dọ́gba lóòótọ́, àmọ́ omi ti pòórá níbẹ̀. H₂O₂ kì í ṣe omi mọ́. Háídrójìn pẹ́rọ́síàìdì ni, èyí tí wọ́n fi ń bó àwọ̀ irun.

Fi nọ́ńbà kékeré ìsàlẹ̀ yẹn wé àmì ohùn. Ẹni tó fẹ́ ọkọ́ méjì kì í yí àmì orí rẹ̀ padà. Tó bá kọ “ọkọ̀”, mọ́tò ló béèrè yẹn. “Ọkọ́ méjì” ló máa kọ. Nọ́ńbà kékeré jẹ́ ara orúkọ nǹkan náà, nọ́ńbà ńlá ló ń sọ iye rẹ̀. (Lédè wa, iye ń tẹ̀lé orúkọ, nínú kẹ́mísìrì, iwájú ló ń dúró.) Torí náà, “mú un dọ́gba” ni pé kí átọ́ọ̀mù tó wọlé jáde ní iye kan náà, láì pa orúkọ ẹnikẹ́ni dà. Tìrẹ á di 2H₂ + O₂ → 2H₂O.

Jẹ́ ká wo bútéènì, ọ̀kan nínú ohun tó wà nínú sílíńdà gáàsì ìdáná. Bíró ni kó o fi kọ èyí, kó o fi àyè sílẹ̀ níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan:

C₄H₁₀ + O₂ → CO₂ + H₂O

Pẹ́ńsùlù ni kó o fi kọ nọ́ńbà ńlá. Kábọ́nù mẹ́rin ló wọlé, nítorí náà 4CO₂. Háídrójìn mẹ́wàá ló wọlé, méjì-méjì ló sì wà nínú omi, nítorí náà 5H₂O. Mo fi ọ́síjìn sí ìkẹyìn torí pé òun nìkan ló dá dúró lápá òsì: tí mo bá yí iye rẹ̀ padà níbẹ̀, kò ba ti ẹlòmíì jẹ́.

Ka ọ́síjìn apá ọ̀tún báyìí. 4CO₂ ní mẹ́jọ, 5H₂O ní márùn-ún: 13. Ibí gan-an ni ọwọ́ á ti máa yún ọ láti kọ O₁₃! Méjì-méjì ni ọ́síjìn ń rìn nínú afẹ́fẹ́, 13 kò sì ṣe é pín sí méjì-méjì. Ohun tó kù ni kó o sọ gbogbo nọ́ńbà ńlá di ìlọ́po méjì, ọ́síjìn á wá di 26, ìyẹn O₂ mẹ́tàlá:

2C₄H₁₀ + 13O₂ → 8CO₂ + 10H₂O

Kà á wò: kábọ́nù 8 sí 8, háídrójìn 20 sí 20, ọ́síjìn 26 sí 16 pẹ̀lú 10.

Tó o bá parí, nu gbogbo ohun tó o fi pẹ́ńsùlù kọ. Ohun tó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ bá ìbéèrè tí wọ́n fún ọ mu láì yàtọ̀ rárá. Tó bá yàtọ̀, nọ́ńbà kékeré lo fọwọ́ kàn.