Kapásítọ̀ inú 2N7000 tó ń jẹ ohùn tínrín

“Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo fi tiransísítọ̀ 2N7000 kan ṣe ańpilifáyà kékeré, ìlọ́po 20 ló ń gbé àmì sókè. Fọ́lúùmù 1 mẹ́gáómù ló wà níwájú géètì rẹ̀. Tí mo bá yí fọ́lúùmù dé àárín, ohùn tínrín á kú. Tí mo bá ṣí i tán, á mọ́ padà. Pikofárádì 20 péré ni ìwé kọ fún géètì. Kí ló ń jẹ ohùn mi?”

Àbúrò, èyí ti ṣe mí rí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń tú kapásítọ̀ orí bọ́ọ̀dù, tí mo ń jó òmíràn mọ́ ọn, láìmọ̀ pé èyí tó ń dà mí láàmú kò sí lórí bọ́ọ̀dù rárá. Inú tiransísítọ̀ ló wà.

Tún ìwé àlàyé rẹ̀ ṣí. Ciss lo kà, ìyẹn àpapọ̀ kapásítọ̀ tó wà lórí géètì, òun ni nǹkan bíi 20 yẹn. Wo ibi tí wọ́n kọ Crss sí: nǹkan bíi pikofárádì 4. Ìyẹn ni kapásítọ̀ tó wà láàrin géètì àti diréènì, òun sì ni ọ̀daràn. Yọ ọ́ kúrò nínú 20, 16 tó kù jẹ́ ti géètì sí sọ́ọ̀sì.

Ẹsẹ̀ kan kapásítọ̀ 4 yẹn wà lórí géètì, èkejì wà lórí diréènì. Tí géètì bá fi mílífóòtì 1 gòkè, diréènì á fi mílífóòtì 20 já wálẹ̀, nítorí pé bí ańpilifáyà rẹ ṣe ń mú àmì tóbi náà ló ń dojú rẹ̀ dé. Àyípadà tó wá bá kapásítọ̀ yẹn láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì di mílífóòtì 21. Ohun tó ń ti géètì ló máa pèsè gbogbo iná tí ìyẹn ń fẹ́. Lójú tirẹ̀, kapásítọ̀ náà kì í ṣe 4 mọ́, 84 ni. Nínú ìṣirò yìí, Cgs ni 16 yẹn, Cgd ni 4, A ni ìlọ́po 20, Cin ni àpapọ̀ tí ohun tó ń ti géètì ń rí, R ni résísítọ̀ tó wà níwájú géètì, f sì ni ibi tí ohùn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ:

```
Cin = Cgs + Cgd(1 + A)
    = 16 + 4 × 21 = 100 pF
f   = 1 / (2π R Cin)
```

Wá wo fọ́lúùmù. Tó bá wà láàrin, ìdajì mẹ́gáómù wà lókè, ìdajì wà nísàlẹ̀, géètì sì ń rí àwọn méjèèjì bíi pé wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: kílóómù 250. Pẹ̀lú 20 tó o kà nínú ìwé, ohùn ì bá lọ dé kílóhẹ́ẹ̀tìsì 32 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, etí kankan ò lè mọ̀. Pẹ̀lú 100, kílóhẹ́ẹ̀tìsì 6.4 ló ti ń rọ. Tó o bá ṣí fọ́lúùmù tán, résísítọ̀ rẹ̀ ò sí lójú ọ̀nà mọ́, ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń mọ́ padà.

Tèmi tilẹ̀ burú ju ìṣirò yẹn lọ, kò dé 5. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé fóòtì 25 ni wọ́n gbé sórí diréènì nígbà tí wọ́n wọn Crss inú ìwé. Diréènì tèmi wà ní 6, bí fóòtì ibẹ̀ bá sì ṣe kéré tó ni kapásítọ̀ yẹn ṣe ń tóbi tó.

Kó o má bàa jó nǹkan kan láṣán, kọ́kọ́ dán èyí wò. Fi résísítọ̀ tó jẹ́ ìdajì rọ́pò èyí tó wà ní diréènì. Ìlọ́po 20 á di bíi 10, Cin á di 60, ibi tí ohùn ti ń rọ á sún lọ sí nǹkan bíi 10.6. Bó bá ṣe wáyà tó ń gbé àmì wọlé ló ń jẹ ohùn, résísítọ̀ diréènì ò lè sún un. Diréènì ni kó o ti wọ̀n ọ́n o, má fi ẹnu ọsilosíkóòpù kan géètì: pikofárádì bíi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń gbé wá, ó sì máa dàrú ohun tó o fẹ́ wọ̀n.

John M. Miller ló ti ṣàlàyé rẹ̀ lórí fáàfù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní 1920, ọ̀nà kan tí wọ́n sì wá gbà yọ nínú rẹ̀ láyé fáàfù ṣì ń ṣiṣẹ́. Gbé 2N7000 kejì lé ti àkọ́kọ́ lórí: sọ́ọ̀sì rẹ̀ lórí diréènì ti ìsàlẹ̀, résísítọ̀ rẹ wá lọ sí diréènì ti òkè. Fún géètì ti òkè ní fóòtì kan tí kì í mì, bíi 6, kó o sì fi kapásítọ̀ ńlá so ó mọ́lẹ̀. Diréènì ìsàlẹ̀ ò ní lè já mọ́, bí géètì ṣe mì náà ni òun á ṣe mì. Ìlọ́po 21 inú ìṣirò yẹn di 2, Cin di 24, ohùn á dé bíi kílóhẹ́ẹ̀tìsì 26, ìlọ́po 20 rẹ ò sì ní dín kù. Ohun tó máa gbà lọ́wọ́ rẹ ni àyè: lórí iná fóòtì 12, ti ìsàlẹ̀ máa di bíi 4 mú fún ara rẹ̀, nítorí náà àmì tó ń jáde ò ní lè ga tó ti tẹ́lẹ̀ kó tó gé lórí. Tí àmì tìrẹ bá ga gan-an, fi tiransísítọ̀ tí kì í mú àmì tóbi, tí àmì ti ń jáde ní sọ́ọ̀sì rẹ̀, síwájú géètì dípò èyí.