Ilé bébà alájà méjì fún ọmọ mẹ́rin

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, praimárì kẹta ni mo ń kọ́ ní Ṣàgámù. Mo pín àwọn ọmọ sí mẹ́rin mẹ́rin, mo fún wọn ní bébà àti sẹ́lótéèpù pé kí wọ́n fi kọ́ ilé gíga. Gbogbo ẹ̀ ló wó. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù ń wòran, wọ́n sì jà lórí sẹ́lótéèpù. Kí ni kí n yí padà?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Iṣẹ́ tí ẹ gbé fún wọn ni kí ẹ yí padà. Tí a bá ní kí ọmọ kọ́ ilé tó ga jù, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù ló máa gbà á ṣe, torí ọwọ́ méjì tó iṣẹ́ náà. Ohun tí èmi máa ń gbé fún wọn ni ilé alájà méjì tó máa ga tó 40 sẹ̀ǹtímítà, tó sì máa gbé ìwé ìkọ̀wé wọn sórí. Ọmọ méjì ló ń kọ́ àjà ìsàlẹ̀, ọmọ méjì ń kọ́ tòkè, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó wá gbé ọ̀kan lé èkejì. Bí àwọn tòkè ò bá béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ àwọn ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ òkè ò ní bọ́ sórí ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀, gbogbo wọn á sì rí i. Ìgbà yẹn ni ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Bébà A4 méjìlá ni kí ẹ fún ẹgbẹ́ kan. Mẹ́jọ wà fún ẹsẹ̀, méjì fún pẹpẹ, méjì fún ohun tí mo máa sọ láìpẹ́. Kí wọ́n ká bébà ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ká ẹní, kí páìpù rẹ̀ ga tó 21 sẹ̀ǹtímítà, kí ihò inú rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi 4. Bébà náà á yí ara rẹ̀ ká ju ìgbà méjì lọ, ìyẹn ló ń fún un lágbára. Pẹpẹ rọrùn: wọ́n á ṣẹ́ bébà kan sí méjì, wọ́n á tún un ṣẹ́ sí méjì, ó di ìpele mẹ́rin. Pẹpẹ kan wà láàárín àjà méjèèjì, ìkejì wà lórí pátápátá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lẹ ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ mọ́ tábìlì, torí bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́, tábìlì ló ń gbé ilé náà ró.

Sẹ́lótéèpù ni gbogbo ìjà yẹn ti ń wá, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n. Mítà kan péré fún ẹgbẹ́ kan. Ẹ yan ọmọ kan ní akápò, ẹni tí kì í pariwo ni kí ẹ yàn, kí ó gé e sí ègé oníséńtímítà méjì méjì, kí ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ etí tábìlì. Ègé 50 ló máa jẹ́, kò sì sí àfikún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Páìpù mẹ́jọ, ègé méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má tú, ìyẹn 16. Ojú ibi tí ẹsẹ̀ ti kan pẹpẹ jẹ́ 12. Ó ku 22. Ohun tí wọ́n máa fi 22 yìí ṣe ni wọ́n gbọ́dọ̀ jọ fẹnu kò lé lórí, akápò ò sì ní yọ ègé kan fún ẹnikẹ́ni títí tí ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹgbẹ́ kan tí mo jókòó tì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n tò ó tán, ó dúró dáadáa. Wọ́n ń gbé ìwé lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe ń ní kí wọ́n ṣe é. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé kẹta lé e, gbogbo ilé náà rọra tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì dùbúlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹsẹ̀ ló rọ̀, ó fẹ́ fi gbogbo sẹ́lótéèpù tó kù wé ẹsẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé páìpù náà sókè sí ojú wọn, kí wọ́n wo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó ṣẹ́, kò sí èyí tó wó nínú wọn. Ẹsẹ̀ ṣì le, igun ló yẹ̀.

Mo kó wọn lọ sí ojú fèrèsé, mo nawọ́ sí irin tó gbé tánkì omi dúró ní ọgbà kejì. Mo bi wọ́n pé kí ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba igun kan dé igun kejì yẹn ń ṣe níbẹ̀. Tí ẹ bá gba ibi tí wọ́n ti ń da dẹ́kì kọjá, ẹ máa rí i pé káfíńtà náà máa ń kan pákó dábùú mọ́ àwọn ọparun tó fi ti dẹ́kì, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni. Onígun mẹ́rin lè yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan láìsí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kankan ṣẹ́. Irin tó gba igun dé igun ló pín in sí onígun mẹ́ta méjì, onígun mẹ́ta ò sì lè yẹ̀ àfi bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan bá já tàbí tó kákò.

Àwọn ọmọ náà gé bébà méjì tó kù sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, séńtímítà méjì ààbọ̀ ní fífẹ̀, wọ́n nà án láti igun dé igun. Ilé náà tún dùbúlẹ̀, sí òdìkejì lọ́tẹ̀ yìí. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ lágbára tí a bá ń fà á, ṣùgbọ́n tí a bá ń tì í, ṣe ló máa ń kákò. Ó wá di dandan kí wọ́n na méjì kọjá ara wọn bíi lẹ́tà X, kí ọ̀kan máa fà nígbà tí èkejì bá dẹ̀. Ègé 22 ò sì lè mú ju tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́kànlá lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ mẹ́jọ ló wà lára àjà méjèèjì, X lára gbogbo wọn á gba tẹ́ẹ́rẹ́ 16. Wọ́n jiyàn gan-an, mi ò dá sí i. Wọ́n fi X sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìsàlẹ̀, wọ́n fi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó kù sí òkè, torí wọ́n ní ìsàlẹ̀ ló ń gbé gbogbo ẹrù. Ìwé mọ́kànlá ló gbé kí ó tó wó. Ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ kan ló fọ́ níkẹyìn, ní ojú ibi tí ọmọ kan ti fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń ká a. Ojú ibi tó ti ní kẹ́rẹ́ ni páìpù bébà ti máa ń fọ́, ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má fi ìka tẹ̀ ẹ́.

Ẹ máa wo bí ó ṣe wó kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Bí gbogbo rẹ̀ bá dùbúlẹ̀ tí ẹsẹ̀ wà láìfarapa, igun ni kí wọ́n mú dúró. Bí ẹsẹ̀ kan bá kákò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn ò ká a fún dáadáa tàbí pé ó ní kẹ́rẹ́. Bí ó bá ń mì láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ. Kí wọ́n to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ lórí tábìlì, wọ́n á rí i.

Ní àkókò òjò, ẹ tọ́jú bébà sínú ọ̀rá títí di ọjọ́ tí ẹ máa ṣe iṣẹ́ náà, nítorí bébà tó ti fa ọ̀rinrin máa ń rọ̀ bí aṣọ. Ìṣẹ́jú 40 kan ò tó. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ, kí ó wó, kí wọ́n sì ya àwòrán bí ó ṣe wó. Ní ọjọ́ kejì, ẹ pààrọ̀ ọmọ kan láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè, kí ẹni tó ti mọ ohun tí ẹgbẹ́ kejì ń fojú rí wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún un kọ́. Fún praimárì kìíní, ọwọ́ wọn ò tíì lè ká páìpù lọ́gbọọgba, àjà kan péré ni kí ẹ fún wọn, kí ẹ sì bá wọn ká ẹsẹ̀ sílẹ̀.